Láti Inú Ìlànà Ìfúnnimáàkì àti Ọ̀rọ̀ Àkíyèsí sí Àwòṣe Ìlapa Èrò: Àròkọ Fìlọ́sọ́fì Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè lo ìlànà ìfúnnimáàkì àti ọ̀rọ̀ àkíyèsí tí olùkọ́ kọ sára àwọn àròkọ fìlọ́sọ́fì rẹ̀ àtẹ̀yìnwá láti ṣe àwòṣe ìlapa èrò tí yóò máa lò fún àròkọ tuntun. Ohun tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ìlànà ìfúnnimáàkì ń sọ ibi tí máàkì wà. Ọ̀rọ̀ àkíyèsí ń sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan pàtó ti ń pàdánù rẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ó yẹ kí àwòṣe ti bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè. A fi ìbéèrè kan lórí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì sọ bí a ṣe ń dá àwòṣe tí kò dára mọ̀.

1.0 Ìfáàrà

Irú akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí gbogbo olùkọ́ fìlọ́sọ́fì mọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ka ìwé, ó ń wá sí kíláàsì, àlàyé rẹ̀ nípa ohun tí Descartes tàbí Mill sọ kò sì ní àbùkù. Síbẹ̀, bí ó bá gba máàkì 16 nínú 30 ní àròkọ àkọ́kọ́, 17 ni yóò gbà ní èkejì, 17 náà ni yóò tún gbà ní ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó bá rí i pé máàkì òun kò kúrò lójú kan, ohun tí ó máa ń ṣe ni pé kí ó tún ka ìwé sí i. Olùkọ́ náà, ní tirẹ̀, ti lo ọ̀pọ̀ òru láti kọ ọ̀rọ̀ àkíyèsí sí etí ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ wo máàkì, ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì kó ìwé náà sínú àpò. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì já sí asán.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìwé tí ó lè yí ọ̀rọ̀ padà ti wà lọ́wọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀: ìlànà ìfúnnimáàkì àti àwọn àròkọ rẹ̀ àtijọ́ tí a ti máàkì. Ohun tí ó kù ni ọ̀nà tí yóò fi so wọ́n pọ̀ di àwòṣe ìlapa èrò. Ìlapa èrò kì í ṣe ohun àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ti ń kọ́ ọ pé kí ó la èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kọ àròkọ. Ṣùgbọ́n ìlapa èrò jẹ́ ti àròkọ kan ṣoṣo. Àwòṣe ni ohun tí a lè gbé kúrò lórí àròkọ kan lọ sórí òmíràn, nítorí pé iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ni ó ń sọ, kì í sọ ohun tí a ó kọ síbẹ̀.

2.0 Kíka Ìlànà Ìfúnnimáàkì

Kí a tó fi ìlànà ìfúnnimáàkì ṣe ohunkóhun, a ní láti mọ irú èyí tí ó jẹ́. Irú kan ń ka kókó: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ kókó kan, ó gba máàkì kan. Irú kejì ń lo ìpele: olùkọ́ yóò ka gbogbo àròkọ náà, yóò sì wo àpèjúwe ìpele tí ó bá a mu jù lọ. Ọ̀pọ̀ àròkọ fìlọ́sọ́fì ni a ń fi ìpele máàkì, nítorí náà ẹni tí ó bá ń to kókó jọ bí ẹni ń to owó kò mọ irú ọjà tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìlànà kan tí a ṣe fún àpẹẹrẹ, tí ó jọ èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò fún àròkọ àṣetiléwá tí ó gùn tó 1,500 ọ̀rọ̀. Máàkì 30 ni àpapọ̀ rẹ̀. Àlàyé èrò àwọn onífìlọ́sọ́fì ní 8. Àríyànjiyàn àti ìgbéléwọ̀n ní 14. Ìtò àròkọ ní 4. Èdè àti ìtọ́kasí ìwé ní 4. Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ wò nínú rẹ̀.

Èkíní ni ìwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó gba 16 gba 7 nínú 8 fún àlàyé, 4 nínú 14 fún àríyànjiyàn, 3 fún ìtò, àti 2 fún èdè àti ìtọ́kasí. Bí ó bá tún ka ìwé mẹ́wàá sí i kí àlàyé rẹ̀ lè dára sí i, máàkì kan péré ni ó kù tí ó lè rí níbẹ̀. Máàkì 10 wà níbi àríyànjiyàn tí kò yà sí. Irú ìwọ̀n yìí kì í ṣe àdábọwọ́ olùkọ́ kan. Nínú ìdánwò fìlọ́sọ́fì ìpele Éè tí àjọ AQA ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àròkọ gígùn kan ní máàkì 25: 5 ni ti ìmọ̀ àti òye, 20 ni ti àtúpalẹ̀ àti ìgbéléwọ̀n. Ẹni tí ó bá fi ìdajì ojú ìwé rẹ̀ ṣe àlàyé níbẹ̀ ti fi ìdajì ìwé ra ìdá kan nínú márùn-ún máàkì.

Èkejì ni ìyàtọ̀ láàárín ìpele kan àti èyí tí ó wà lórí rẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Kí a gbé àpèjúwe ìpele méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a pa ọ̀rọ̀ tí ó jọra nínú méjèèjì rẹ́, kí a sì fa ìlà sábẹ́ èyí tí ó ṣẹ́kù. Nínú ìlànà àpẹẹrẹ wa, ìpele máàkì 4 sí 7 fún àríyànjiyàn sọ pé: ‘akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́nu ba àríyànjiyàn àti àtakò tí ó bá ìbéèrè mu’. Ìpele 8 sí 11 sọ pé: ‘akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn àtakò, ó sì fi hàn bí ìdáhùn náà ṣe kan èrò rẹ̀’. Ìpele 12 sí 14 fi kún un pé: ‘ó sọ àtakò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ó lágbára jù lọ, ó sì fi ìdí hàn tí ọ̀kan fi wúwo ju èkejì lọ’. Nígbà tí a bá pa ohun tí ó jọra rẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni ó kù: mẹ́nu bà, dáhùn, wọ̀n. Láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye àtakò rárá. Ẹni tí ó mẹ́nu ba àtakò mẹ́fà tí kò dáhùn ọ̀kan ṣì wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó dáhùn méjì tí ó sì wọ̀n wọ́n lè wà lókè pátápátá.

3.0 Títo Ọ̀rọ̀ Àkíyèsí

Ìlànà ìfúnnimáàkì jẹ́ ti gbogbo kíláàsì. Ọ̀rọ̀ àkíyèsí jẹ́ ti ẹnìkan. Bí a bá ṣe àwòṣe láti inú ìlànà nìkan, yóò bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, yóò sì gùn débi tí kò fi ní lè lò ó.

Kí a kó àròkọ mẹ́ta, ó kéré tán, jọ. Kí a da gbogbo ọ̀rọ̀ àkíyèsí kọ sórí ìwé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí a sì kọ ohun méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìpínrọ̀ tí olùkọ́ kọ ọ́ sí, àti apá ìlànà ìfúnnimáàkì tí ó kàn. Àwọn ọ̀rọ̀ àkíyèsí akẹ́kọ̀ọ́ àpẹẹrẹ wa nìyí. Sára àròkọ lórí iyèméjì Descartes, olùkọ́ kọ pé: ‘Àlàyé rẹ já gaara. Kí ni ìwọ fúnra rẹ wá sọ?’ àti ‘Ìkádìí yìí kò ti inú ohun tí o kọ jáde.’ Sára àròkọ lórí ìlànà ìwà rere Mill: ‘Àtakò márùn-ún, kò sí èyí tí o dáhùn,’ àti ‘Ta ló sọ èyí? Ojú ìwé wo?’ Sára àròkọ lórí òmìnira ìfẹ́-inú: ‘O yára ti àtakò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lágbára ju bí o ṣe sọ ọ́ lọ,’ ‘Ìdúró rẹ kò hàn títí di ojú ìwé tó kẹ́yìn,’ àti ‘Àlàyé dára.’

Lẹ́yìn èyí, a ó kó àwọn tí ó jọra pọ̀. Ìdúró tí kò hàn wáyé nínú àròkọ méjì. Àtakò tí a kò dáhùn dáadáa wáyé nínú méjì. Ìkádìí tí kò bá àròkọ mu wáyé ní ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́kasí tí kò sí. A gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín àṣìṣe tí ó jẹ́ ti kókó-ọ̀rọ̀ àti èyí tí ó jẹ́ àṣà òǹkọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣi Mill túmọ̀, àròkọ Mill ni ìyẹn ti parí. Kò sí ohun tí ó ń wá nínú àwòṣe. Ohun tí ó bá fara hàn lábẹ́ kókó-ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra, àṣà ni, òun ni ó sì yẹ kí àwòṣe dí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn pàápàá ní ìwúlò: nígbà tí olùkọ́ sọ lẹ́ẹ̀mejì pé àlàyé dára, ó ń sọ fún wa pé apá àlàyé kò nílò ìbéèrè púpọ̀.

Ìṣòro kan wà níbí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àkíyèsí kò sọ ohun tí a ó ṣe. ‘Kò jinlẹ̀’ jẹ́ ìdájọ́, kì í ṣe ìtọ́sọ́nà. Ọ̀nà tí a fi ń tú u ni pé kí a padà sí ìpínrọ̀ tí a kọ ọ́ sí, kí a bi í pé: gbólóhùn wo ni kò sí níbí, tí ì bá mú kí olùkọ́ má kọ ọ̀rọ̀ yìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tí kò sí ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘nítorí pé’ tàbí ‘bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé’. Bí ìdáhùn kò bá yọjú, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìpínrọ̀ náà lọ bá olùkọ́, kí ó béèrè nípa rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá béèrè pé ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni mo ṣe lè ṣe dáadáa sí i?’ yóò gba ìdáhùn gbogboogbò. Ẹni tí ó bá béèrè pé ‘Sà, kí ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé gbólóhùn yìí?’ yóò gba ohun tí ó lè lò.

4.0 Kíkọ Àwòṣe Náà

Ìgbà yìí ni a ó wá so ìwé méjèèjì pọ̀. Òfin mẹ́ta ni a tẹ̀ lé. Òfin àkọ́kọ́ ni pé ìbéèrè ni apá kọ̀ọ̀kan nínú àwòṣe gbọ́dọ̀ jẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ àkọlé. Àkọlé ‘Àtakò’ ni ó bí àtakò márùn-ún tí kò ní ìdáhùn, nítorí pé ohunkóhun ni a lè tò sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pé ‘Àtakò wo ni yóò wó ìdúró mi bí ó bá jóòótọ́?’ ń fi ipá mú òǹkọ̀wé láti yan. Òfin kejì ni pé kí a má ṣe da ọ̀rọ̀ ìlànà ìfúnnimáàkì kọ síbẹ̀. ‘Ṣe ìgbéléwọ̀n tí ó jinlẹ̀’ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní agogo méjìlá òru. Òfin kẹta ni pé kí gígùn apá kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé máàkì rẹ̀, kí ìbéèrè sì pọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ àkíyèsí bá pọ̀ sí.

Àwòṣe tí ó jáde fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí:

(i) Ìfáàrà, nǹkan bí 120 ọ̀rọ̀. Kí ni mo ń sọ, nínú gbólóhùn kan tí ẹlòmíràn lè takò? Kí ni ìdí mi tí ó tóbi jù?

(ii) Àlàyé, nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀. Èrò wo ni òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè lóye ìdí mi? Ọ̀rọ̀ wo nínú ìbéèrè ni ó lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ? Ta ni ó sọ ọ́, nínú ìwé wo?

(iii) Àtakò tí ó lágbára jù, nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀. Àtakò wo ni yóò wó ìdúró mi bí ó bá jóòótọ́? Ṣé ẹni tí ó ni àtakò náà yóò gbà pé bí mo ṣe sọ ọ́ ni òun ṣe sọ ọ́? Kí ni ìdáhùn mi? Kí ni ìdáhùn náà gbà lọ́wọ́ mi?

(iv) Àtakò kejì, nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀. Ṣé ibòmíràn ni èyí ti wá, àbí ti àkọ́kọ́ ni ó wọ aṣọ mìíràn? Nínú méjèèjì, èwo ni ó wúwo jù, kí sì ni ìdí?

(v) Ìkádìí, nǹkan bí 130 ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, ṣé ìdúró mi ní (i) ṣì rí bí mo ṣe sọ ọ́? Bí ó bá ti yí, kí ni mo ní láti tún kọ níbẹ̀?

Ẹ kíyè sí i pé 850 nínú 1,500 ọ̀rọ̀ wà ní (iii) àti (iv), nítorí pé ibẹ̀ ni máàkì 14 wà. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ní (iii), ìyẹn ohun tí ìdáhùn gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wá láti ara ọ̀rọ̀ àkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí máa ń yára ti àtakò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí kò ní àṣà yẹn lè yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè (v) wá láti ara ìkádìí tí kò ti inú àròkọ jáde. Ó ń dá òǹkọ̀wé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ìfáàrà àti ìkádìí má baà sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

5.0 Lílo Àwòṣe: Ìbéèrè Lórí Ìmọ̀

Ẹ jẹ́ kí á wá lo àwòṣe yìí fún ìbéèrè tí kò sí nínú àwọn àròkọ mẹ́ta àtijọ́: ‘Bí ènìyàn bá gba ohun kan gbọ́, tí ohun náà jẹ́ òtítọ́, tí ó sì ní ìdí tí ó dára, ṣé ìyẹn tó láti sọ pé ó mọ̀ ọ́n? Jíròrò.’

Ní (i), akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé: ‘Kò tó, nítorí pé ìdí tí ó dára àti òtítọ́ lè kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn.’ Gbólóhùn kan ni, ẹlòmíràn sì lè takò ó. Ẹ fi wé ohun tí ó ti máa ń kọ tẹ́lẹ̀: ‘Nínú àròkọ yìí, n ó jíròrò èrò àwọn onífìlọ́sọ́fì lórí ìmọ̀.’ Kò sí ẹni tí ó lè takò ìyẹn, nítorí pé kò sọ nǹkan kan.

Ní (ii), èrò tí òǹkàwé nílò kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun mẹ́ta tí ìbéèrè kà sílẹ̀, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú Theaetetus tí Plato kọ, níbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èrò òtítọ́ tí ó ní àlàyé ni ìmọ̀, tí wọn kò sì fara mọ́ ọn ní ìkẹyìn. Èkejì ni àpẹẹrẹ tí Edmund Gettier gbé jáde ní ọdún 1963 nínú àpilẹ̀kọ ojú ìwé mẹ́ta. Smith àti Jones ń wá iṣẹ́ kan náà. Smith ní ẹ̀rí tó dájú pé Jones ni yóò gba iṣẹ́, ó sì ti ka owó ẹyọ mẹ́wàá nínú àpò Jones. Ó wá gbà pé ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà ní owó ẹyọ mẹ́wàá lápò. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ni wọn yóò gbà, owó ẹyọ mẹ́wàá sì wà nínú àpò tirẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí ó gbà gbọ́ jẹ́ òtítọ́, ó ní ìdí, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè kejì ní (ii), lórí ọ̀rọ̀ tí ó lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ, ni ó so èso tí akẹ́kọ̀ọ́ kò retí. Ìbéèrè náà gbà láìsọ ọ́ síta pé ìmọ̀ jẹ́ irú ìgbàgbọ́ kan. Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1986 lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn wọ̀nyí ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ́ nínú ìwé, tí a ń pè ní ìmọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìgbàgbọ́ ni.

Níbo ni ó yẹ kí a fi èyí sí? Lábẹ́ àṣà àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ì bá tò ó mọ́ ìparí gẹ́gẹ́ bí ‘èrò Yorùbá’, láìsọ ohun tí ó ṣe fún ìbéèrè. Àwòṣe ló fi hàn pé àtakò ni, ibòmíràn ni ó sì ti wá.

Ní (iii), àtakò tí ó lè wó ìdúró ni ti àwọn tí ó sọ pé Gettier kò ba nǹkan kan jẹ́: ìdí Smith kò dára tó, nítorí pé orí irọ́ ni ó dúró, ìyẹn pé Jones ni yóò gba iṣẹ́. Ní ọdún 1963 kan náà ni Michael Clark ti dábàá pé kí a fi kún un pé ìdí náà kò gbọdọ̀ ní irọ́ nínú. Ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ni àpẹẹrẹ abà tí Alvin Goldman lò ní ọdún 1976. Ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ kọjá ní agbègbè tí ó kún fún ògiri iwájú abà lásán, tí kò sí nǹkan lẹ́yìn wọn. Ó wo ọ̀kan, ó sọ pé abà ni, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé ìyẹn nìkan ni abà tòótọ́ níbẹ̀. Kò gba irọ́ kankan kọjá kí ó tó dé èrò rẹ̀. Ó kàn wò ó ni. Síbẹ̀, orí ló kó o yọ. Kí ni ìdáhùn yìí gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé? Ó gbà pé kí ó jẹ́wọ́ pé àwọn onífìlọ́sọ́fì kan sọ pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Bí ẹni tí ń ka àròkọ bá fara mọ́ ìyẹn, ìdáhùn náà dẹ̀ díẹ̀.

Ní (iv), àtakò ti Hallen àti Ṣódípọ̀ wọlé: ìbéèrè náà ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ kì í ṣe ìgbàgbọ́ tí a fi nǹkan kún; fífi ojú rí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àtakò ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìwọ̀n mú kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin abà. Ọkùnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí abà, ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí. Bí fífi ojú rí ṣe le tó, kò dènà kòńgẹ́. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí àwọn oníṣègùn ṣe tú àṣìṣe ìbéèrè náà sí gbangba nípa ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìṣòro kòńgẹ́ ṣì dúró níbi tí ó wà. Èyí ni ìdí tí àtakò àkọ́kọ́ fi wúwo jù fún ìbéèrè yìí.

Ní (v), ìdúró ti yí díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ìfáàrà, ó sì tún un kọ: ‘Kò tó, nítorí pé ìdí tí ó dára àti òtítọ́ lè kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn, kódà níbi tí ènìyàn ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń sọ.’ Gbólóhùn yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú iṣẹ́ náà gan-an ni ó sì ti jáde.

6.0 Dídán Àwòṣe Wò àti Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti dán àwòṣe wò ni kí a gbé e lé àròkọ àtijọ́ lórí kí a tó lò ó fún tuntun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nọ́ḿbà ìbéèrè tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dáhùn sí etí rẹ̀. Bí àwòṣe bá dára, ibi tí kò ní nọ́ḿbà àti ibi tí olùkọ́ ti bínú yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan àròkọ tí ó gba 16 bá rí nọ́ḿbà gbà láìsí wàhálà, àwòṣe náà kò mú nǹkan kan. Ìbéèrè rẹ̀ ti gbòòrò jù.

Ìdánwò kejì ni kókó-ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwòṣe tí ó bá béèrè pé ‘Kí ni Gettier sọ?’ kì í ṣe àwòṣe mọ́. Ìlapa èrò àròkọ kan ni ó fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Agbára àwòṣe mọ sórí irú ìbéèrè tí a ṣe é fún. Èyí tí a gbé kalẹ̀ yìí wà fún ‘jíròrò’ àti ‘ṣé òótọ́ ni’. Bí ìbéèrè bá sọ pé ‘ṣàlàyé’, ìgbéléwọ̀n lè má ní máàkì kankan. Nínú ìdánwò AQA tí a mẹ́nu bà, ìbéèrè oní-máàkì 12 wà tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ ti ìmọ̀ àti òye. Ẹni tí ó bá ń takò nǹkan níbẹ̀ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú ìbéèrè kí ó tó mú àwòṣe, kí ó sì tún un ṣe nígbà tí olùkọ́ mìíràn bá mú ìlànà ìfúnnimáàkì tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ wá.

Ohun kan tún wà tí ó kan olùkọ́. Bí olùkọ́ bá ṣe àwòṣe kan, tí ó sì pín in fún ogójì akẹ́kọ̀ọ́, ogójì àròkọ tí egungun wọn jọra ni yóò máàkì, àwọn ìbéèrè tí ó wà fún àṣà ẹnìkan yóò sì di ẹrù lórí àwọn yòókù. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fún kíláàsì ni ìlànà ìfúnnimáàkì pẹ̀lú àpèjúwe ìpele rẹ̀, kí ó tó gba àròkọ, àti ọ̀rọ̀ àkíyèsí tí ó dárúkọ ìpínrọ̀. Títò wọ́n pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wákàtí kan nínú kíláàsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì ń fi ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ya ìpele kan sọ́tọ̀ sí èkejì, tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwòṣe kò sì lè sọ bóyá ìdáhùn sí àtakò dára. Ó lè fi hàn pé ìdáhùn wà níbẹ̀, kò lè fi hàn pé ó mú ọgbọ́n dání. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáhùn gbogbo ìbéèrè márààrún pẹ̀lú ìdí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yóò gba máàkì ìtò, yóò sì tún pàdánù ti àríyànjiyàn. Fún ìyẹn, ẹlẹgbẹ́ tí yóò ka ìlapa èrò náà tí yóò sì takò ó lójú-kojú ni ó wúlò, kí a tó kọ àròkọ rárá.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ìlànà ìfúnnimáàkì ń fi ìwọ̀n àti ìyàtọ̀ ìpele hàn, pé ọ̀rọ̀ àkíyèsí ń fi àṣà òǹkọ̀wé hàn, àti pé àwòṣe ìlapa èrò tí ó wúlò jẹ́ ìbéèrè díẹ̀ tí ó dúró sí ibi tí méjèèjì ti pàdé. Àpẹẹrẹ tí a lò fi hàn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè yí ipò tí a fi èrò kan sí padà: ohun tí ì bá jẹ́ àfikún lásán ní ìparí àròkọ di àtakò tí ó tún ìdúró òǹkọ̀wé ṣe. A dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe àtúnyẹ̀wò àwòṣe rẹ̀ lẹ́yìn àròkọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà padà, kí ó yọ ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ àkíyèsí rẹ̀ kò jẹ yọ mọ́ nínú àròkọ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kí ó sì fi èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú rọ́pò rẹ̀.